Àwọ̀ mẹ́rin, ilé kan: báwo la ṣe lè dán wọn wò láìṣe ojúsàájú?

Ọmọ_PópóÀgùdà:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ kan ni mo ń bá ẹbí wò ní Pópó Àgùdà, Ìsàlẹ̀ Èkó, wọ́n fẹ́ tún un kùn. Àwọ̀ mẹ́rin ni wọ́n ń fà mọ́ ara wọn lọ́wọ́: funfun pẹ̀lú búlúù, kírímù pẹ̀lú búráùn, yẹ́lò pẹ̀lú àwọ̀ ewé, píǹkì pẹ̀lú funfun. Stable Diffusion 1.5, ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán látinú ọ̀rọ̀ tí a bá kọ, ni mo ń lò nínú AUTOMATIC1111, mo sì ní fọ́tò ilé náà kan. Bí mo bá ti yí àwọ̀ padà báyìí, fèrèsé náà á yí padà, òòrùn á yí padà, nígbà mìíràn igi á hù síwájú ilé. Àwòrán tí òòrùn rẹ̀ mọ́lẹ̀ jù ni gbogbo wọn ń tọ́ka sí. Kí ni kí n ṣe tó fi máa jẹ́ pé àwọ̀ nìkan ló yàtọ̀?

Ayàwòrán_Yábàá:

Inú rúdurùdu ni àwòrán kọ̀ọ̀kan ti ń bẹ̀rẹ̀, bí ojú tẹlifíṣàn tí kò rí ìkànnì mú. Nọ́ńbà tó wà nínú àpótí `Seed` ló ń pinnu irú rúdurùdu tó máa jẹ́. Bí ó bá jẹ́ `-1` ló wà níbẹ̀, nọ́ńbà tuntun ló ń mú ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá tẹ `Generate`. Ilé kan lẹ ń kùn ní funfun nígbà náà, ilé mìíràn lẹ ń kùn ní yẹ́lò. Ẹ kọ nọ́ńbà gidi síbẹ̀, ká ní 41001, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Sídì nìkan kò tó o. Ìwọ̀n àwòrán gbọ́dọ̀ dúró pẹ̀lú, torí pé bí ẹ bá sọ 768 nínú 512 di 768 nínú 576, rúdurùdu mìíràn nìyẹn, kódà bí sídì bá jẹ́ ọ̀kan náà. Ẹ fi `Sampler` sí `DPM++ 2M`, `Schedule type` sí `Karras`, `Steps` sí 25, `CFG Scale`, ìyẹn bí àṣẹ tí ẹ kọ ṣe máa darí àwòrán tó, sí 7. Ẹ má lo `Euler a` fún irú iṣẹ́ yìí. Ó máa ń da rúdurùdu tuntun sínú àwòrán ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan, bí ẹ bá sì fi ìgbésẹ̀ díẹ̀ kún un lọ́la, ilé náà á di òmíràn mọ́ yín lọ́wọ́. `Batch size` náà, 1 ni kó jẹ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn kì í kíyè sí i pé àwòrán kejì nínú ìdì kan kì í lo sídì tí wọ́n kọ. Èyí tó fi ẹyọ kan jù ú lọ ló ń lò, 41002, ẹ̀kẹta á lo 41003.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo ibi tí ẹ fi ọ̀rọ̀ àwọ̀ sí nínú àṣẹ yín. Apá tó ń ka ọ̀rọ̀ nínú 1.5 máa ń kà láti iwájú lọ sẹ́yìn ni. Ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan mọ ohun tó ṣáájú rẹ̀, kò mọ ohun tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Bí ẹ bá fi àwọ̀ sí ìbẹ̀rẹ̀, gbogbo ohun tó tẹ̀ lé e, títí kan fèrèsé àti òrùlé, ni ìtumọ̀ rẹ̀ máa sún díẹ̀ nígbà tí àwọ̀ bá yí. Bí ẹ bá fi í sí ìparí, àwọn tó wà níwájú á dúró bí wọ́n ṣe wà. Kì í ṣe pé ó dúró pátápátá o, torí pé àwọn àyè òfìfo tó kù lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ìkẹyìn náà máa ń yí, àwòrán sì ń gbọ́ ti àwọn náà. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ rẹ̀ hàn sójú.

```
photo of a two-storey stucco house on a Lagos street,
arched windows, wooden shutters, grey concrete gutter,
overcast noon light, white walls and blue shutters
```

Gbólóhùn tó gbẹ̀yìn nìkan lẹ ó máa pààrọ̀, kí ìgbékalẹ̀ rẹ̀ sì bára mu nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin: àwọ̀ ògiri, àwọ̀ ilẹ̀kùn fèrèsé, ó parí. Ẹ má kọ «beautiful» sí ọ̀kan kí ẹ má kọ ọ́ sí èkejì. Ẹ sì rí i pé mo dárúkọ ìmọ́lẹ̀. Bí ẹ kò bá sọ irú ìmọ́lẹ̀ tí ẹ fẹ́, àwọ̀ ló máa yàn án fún yín: yẹ́lò á gbé òòrùn ìrọ̀lẹ́ wá, búlúù á gbé òwúrọ̀ tútù wá.

Ṣọ́lá_Ṣómólú:

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ń jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí gùn jù. Ó ní fọ́tò ilé náà lọ́wọ́. Kó gbé e sínú `img2img`, kó fi `Denoising strength` sí 0.4, kó kọ àwọ̀ tó fẹ́. Fèrèsé ò ní kúrò lójú kan, wáyà ò ní kúrò, sídì ò tiẹ̀ ní ṣe nǹkan púpọ̀ mọ́. Ọ̀nà tí mo ń gbà nìyẹn, ó sì ń yá.

Ayàwòrán_Yábàá:

Òótọ́ ni pé ilé náà á dúró, Ṣọ́lá. Àmọ́ ojúsàájú tó wà níbẹ̀ ju ti sídì lọ. Ọmọ_PópóÀgùdà, àwọ̀ wo ló wà lára ilé náà lọ́wọ́lọ́wọ́?

Ọmọ_PópóÀgùdà:

Kírímù ni sà, ó ti pọ́n díẹ̀. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ní ìlà búráùn kan tí wọ́n kùn nígbà kan.

Ayàwòrán_Yábàá:

Ẹ ò rí i? Kírímù ti borí kí ìdánwò tó bẹ̀rẹ̀.

Ní 0.4, inú fọ́tò gan-an ló ti ń bẹ̀rẹ̀, rúdurùdu díẹ̀ ni wọ́n kàn bù sí i lórí. Nínú ìgbésẹ̀ 25 tí ẹ kọ, nǹkan bíi 10 péré ló máa ṣe. Àwọ̀ ńlá tó gba gbogbo ògiri jẹ́ ohun tí àwòrán máa ń pinnu ní àwọn ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́, àwọn yẹn gan-an lẹ sì fò kọjá. Bí ẹ bá ní kó di kírímù, kò níṣẹ́ kankan láti ṣe, á mọ́ rekete. Bí ẹ bá ní kó di búlúù, á dúró láàrin ọ̀nà, búlúù tó ní ìdọ̀tí búráùn nínú. Ẹbí á wò ó, wọ́n á ní búlúù kò yẹ ilé yìí. Wọn kò sì tíì rí búlúù.

Àwọn kan máa ń sọ fọ́tò náà di dúdú àti funfun kí wọ́n tó gbé e sínú rẹ̀. Ó sàn díẹ̀ nítorí pé gbogbo wọn jọ bẹ̀rẹ̀ lójú kan náà, ṣùgbọ́n àwọ̀ eérú náà ń fa nǹkan sọ́dọ̀ ara rẹ̀: funfun àti kírímù kò jìnnà sí i, yẹ́lò àti píǹkì jìnnà.

Ohun tí mo máa ṣe ni pé kí n gba ìrísí ilé náà láti inú fọ́tò, kí n fi àwọ̀ rẹ̀ sílẹ̀. `txt2img` pẹ̀lú `ControlNet` ló ń ṣe ìyẹn. Ẹ gbé fọ́tò síbẹ̀, ẹ yan `canny` fún `Preprocessor` àti `control_v11p_sd15_canny` fún `Model`, `Control Weight` 1. Ohun tó máa yọ jáde ni ìlà funfun lórí ilẹ̀ dúdú, kò sí àwọ̀ kankan nínú rẹ̀. Àwọn kan á ní kí ẹ lo `mlsd` nítorí ilé ni. Ìlà tó tọ́ gbọọrọ nìkan nìyẹn ń rí, orí fèrèsé tó tẹ̀ kọrọdọ ní ilé àwọn Àgùdà á pòórá.

Kí ẹ tó lọ, ẹ tẹ bọ́tìnì tó ń fi àwọn ìlà hàn kí ẹ wò wọ́n dáadáa. Ohun méjì ló máa wà níbẹ̀ tí kò yẹ kó wà. Àkọ́kọ́ ni wáyà iná tó gba iwájú ilé kọjá: `canny` kò mọ̀ pé wáyà ni, á kà á sí ọnà ara ògiri, ẹ ó sì rí i tó di ìlà sìmẹ́ńtì tó gúnlẹ̀ sórí fèrèsé. Èkejì ni ìlà búráùn àtijọ́ yẹn. Ibi tí ọ̀dà méjì ti pàdé jẹ́ ìlà lójú rẹ̀, nítorí náà á fipá mú gbogbo àwọ̀ mẹ́rin láti ní ìlà ìsàlẹ̀ níbi kan náà. Ẹ gbé àwòrán ìlà náà sínú ohun ìyàwòrán èyíkéyìí, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì dúdú pa àwọn méjèèjì rẹ́, kí ẹ dá a padà pẹ̀lú `Preprocessor` ní `none`. Òjìji òòrùn lára ògiri náà ń di ìlà, bí fọ́tò náà bá jẹ́ ti ọ̀sán gangan, ẹ ya òmíràn lọ́jọ́ tí ojú ọ̀run bá ṣú.

Bàbá_Akunlé:

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú làákàyè. Èmi ò mọ kọ̀ǹpútà, iṣẹ́ ọ̀dà ni mo mọ̀. Ṣé ẹ ò kàn lè kọ nọ́ńbà ọ̀dà sínú ẹ̀rọ yẹn ni? Kírímù tí àwọn èèyàn máa ń rà, RAL 1015 ni. Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀, á bọ́ síbi tó yẹ. Kí ẹ sì tó pa ìlà ìsàlẹ̀ yẹn rẹ́, ẹ rántí pé kì í ṣe ẹ̀ṣọ́ ni wọ́n fi í ṣe. Òjò tó ń ta láti ojú títì ló ń gbé ẹrẹ̀ lé ògiri, ó lè ga tó ẹsẹ̀ bàtà méjì. Ilé tí wọ́n kùn ní funfun délẹ̀ ní Ìsàlẹ̀ Èkó, kí òjò oṣù kẹfà tó lọ, ìsàlẹ̀ rẹ̀ á ti pupa. Bí ògiri náà bá sì jẹ́ amọ̀, bí ọ̀pọ̀ ilé ìgbà yẹn ṣe rí, ẹ má fi ọ̀dà onírọ́bà dí i pa. Ọ̀rinrin inú rẹ̀ kò ní ríbi gbà jáde, ọ̀dà náà á wú, á sì bó.

Ayàwòrán_Yábàá:

Ẹ ṣeun, Bàbá. Nọ́ńbà RAL kò wúlò nínú àṣẹ. Ẹ̀rọ náà á gé e sí wẹ́wẹ́ bí ọ̀rọ̀ tí kò mọ̀ dáadáa, ohun tó bá sì mú jáde kò dá lórí àpẹẹrẹ ọ̀dà. Lẹ́yìn tí ẹbí bá ti yàn tán la ó wá nọ́ńbà kàn.

Ti ìlà ìsàlẹ̀, òótọ́ lẹ sọ. Ká fi kún àṣẹ nígbà náà, ṣùgbọ́n lápá iwájú, kó sì jẹ́ ọ̀kan náà fún mẹ́rẹ̀ẹ̀rin: `dark grey wall base`. Kó má jẹ́ pé ti kírímù ní ìsàlẹ̀ búráùn tó ń bò ó láṣìírí, funfun sì dúró ní ìhòòhò.

Ọmọ_PópóÀgùdà:

Mo ti ṣe gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú sídì 41001. Fèrèsé dúró lójú kan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, inú mi dùn. Ṣùgbọ́n àwọn nǹkan kan ṣì ń sá. Mo pa yẹ́lò dà sí «ochre» nítorí pé ìyẹn ni ẹ̀gbọ́n wa kan fẹ́, òrùlé sì di alámọ̀ pupa, òòrùn ìrọ̀lẹ́ sì yọ bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo kọ `overcast noon light`. Nínú ti píǹkì, ojú ọ̀run pọ́n díẹ̀, gọ́tà náà pọ́n. Ti búlúù, ọkọ̀ kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ di búlúù.

Ìyá_Ìbejì_Sùúrùlérè:

Ohun méjì ló wà nínú ọ̀rọ̀ yín yìí, ẹ jẹ́ ká yà wọ́n sọ́tọ̀.

Ti «ochre», ọ̀rọ̀ náà ló gbé ẹrù wá. Ibi tí ẹ̀rọ ti bá ọ̀rọ̀ yẹn pàdé ni fọ́tò àwọn ìlú olókè tí òrùlé wọn jẹ́ amọ̀ pupa, tí òòrùn ń wọ̀ lórí wọn. Kì í ṣe àwọ̀ nìkan ló rò pé ẹ bèèrè, gbogbo àdúgbò ọ̀hún lẹ ní kó gbé wá. «Terracotta» náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. «Olive», «mint» àti «lavender» lè gbin ewé síwájú ilé fún yín, «coral» lè mú etí òkun wá. Ọ̀rọ̀ tí kò ní iṣẹ́ mìíràn ju àwọ̀ lọ ni kí ẹ lò: `yellow`, `pink`, `white`, `brown`. Bí ẹ bá fẹ́ kó rọlẹ̀, ẹ fi `light` tàbí `dark` síwájú rẹ̀, bí ẹ bá sì fi í sí ọ̀kan, ẹ wá ọ̀nà kí iye ọ̀rọ̀ inú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bára mu. «Cream» gan-an ń kọ mí lóminú, oúnjẹ ni nígbà mìíràn. `light beige` dákẹ́ jù ú lọ.

Ti ọkọ̀ búlúù àti gọ́tà píǹkì, jíjò ni. Ibi gbogbo nínú àwòrán ló ń gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ inú àṣẹ. Kò sí ẹni tó sọ fún ọkọ̀ pé ògiri nìkan lẹ ń bá wí. `CFG Scale` tó ga ń mú un burú sí i. Ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ láti 7 sí 5, fún gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà.

Mo sì fẹ́ràn gọ́tà yẹn gan-an. Sìmẹ́ńtì ni, kò sídìí tí àwọ̀ rẹ̀ fi yẹ kó yí bí a bá kun ògiri, nítorí náà òun ni ẹlẹ́rìí wa. Ẹ wọn ojú kan náà lórí gọ́tà nínú àwòrán kọ̀ọ̀kan:

```python
from PIL import Image, ImageStat
import glob

box = (300, 470, 420, 500)
for f in sorted(glob.glob("*.png")):
    im = Image.open(f).convert("RGB").crop(box)
    print(f, [round(v) for v in ImageStat.Stat(im).mean])
```

Nọ́ńbà mẹ́rin inú `box` ni apá òsì, òkè, apá ọ̀tún àti ìsàlẹ̀ ibi tí ẹ fẹ́ wọ̀n, ní písẹ́lì. Ẹ yí wọn padà kó bọ́ sórí gọ́tà ilé tiyín. Nọ́ńbà mẹ́ta ló máa tẹ̀ jáde fún fáìlì kọ̀ọ̀kan: pupa, àwọ̀ ewé, búlúù. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá sún mọ́ra, gọ́tà ṣì jẹ́ eérú.

Ọmọ_PópóÀgùdà:

Ẹ ṣé gan-an mà. Ohun tó jáde nìyí, ní `CFG Scale` 5:

```
01_white.png  [126, 127, 128]
02_beige.png  [129, 127, 122]
03_yellow.png [133, 128, 113]
04_pink.png   [143, 125, 124]
```

Ṣé kí n kàn tún ti píǹkì ṣe pẹ̀lú sídì mìíràn títí á fi dára?

Ayàwòrán_Yábàá:

Rárá o! Ibẹ̀ gan-an ni ojúsàájú ti ń wọlé padà. Bí ẹ bá fún píǹkì láǹfààní márùn-ún tí ẹ fún funfun ní ẹyọ kan, píǹkì á borí, nítorí pé èyí tó dára jù nínú márùn-ún lẹ mú wá. Bí sídì kan bá ba àwọ̀ kan jẹ́, gbogbo àwọ̀ mẹ́rin orí sídì yẹn lẹ ó jọ sọnù.

Èyí ló kan ohun tí a kò tíì sọ. Sídì tí kò yí kì í mú oríire kúrò, ó kàn ń pín oríire kan náà fún gbogbo wọn ni, àwọ̀ kan sì lè jẹ àǹfààní rẹ̀ ju èkejì lọ. Nígbà tí wọ́n ń kọ́ 1.5, kò fìgbà kan rí rúdurùdu tó jẹ́ rúdurùdu pátápátá, àmì fọ́tò díẹ̀ máa ń ṣẹ́kù nínú rẹ̀. Ó ti wá mọ́ ọn lára láti gba ìmọ́lẹ̀ àti àwọ̀ gbogbogbò àwòrán láti inú rúdurùdu ìbẹ̀rẹ̀. Sídì tí rúdurùdu rẹ̀ bá tẹ̀ sápá yẹ́lò díẹ̀ á ṣojú rere sí yẹ́lò àti kírímù, á sì ba búlúù jẹ́. Bí ẹ bá dúró lórí 41001 nìkan, ẹ ò ní mọ̀ bóyá àwọ̀ ló borí tàbí sídì ló gbè é.

Nítorí náà, ẹ lo sídì mẹ́fà, kí àwọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kọjá lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ní ìsàlẹ̀ ojú ìwé, níbi `Script`, ẹ yan `X/Y/Z plot`. `X type` ni `Prompt S/R`, ẹ sì kọ èyí síwájú rẹ̀:

```
white walls and blue shutters, beige walls and brown shutters, yellow walls and green shutters, pink walls and white shutters
```

Gbólóhùn àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ wà nínú àṣẹ yín gẹ́lẹ́ bó ṣe wà níbí, torí òun ló máa wá tó sì máa fi àwọn yòókù rọ́pò. Bí lẹ́tà kan bá yàtọ̀, kò ní rí i. `Y type` ni `Seed`:

```
41001, 41002, 41003, 41004, 41005, 41006
```

Àwòrán 24 ló máa jáde. Ìlà tó dùbúlẹ̀ ni kí ẹ máa kà: láàrin ìlà kan, ilé kan náà, ìmọ́lẹ̀ kan náà, àwọ̀ ló yàtọ̀. Ẹ má mú píǹkì láti ìlà kejì kí ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ funfun láti ìlà karùn-ún. Kí ẹbí yan ọ̀kan nínú ìlà kọ̀ọ̀kan, kí ẹ ka iye ìgbà tí àwọ̀ kọ̀ọ̀kan borí.

Díẹ̀díẹ̀_Àgége:

Èmi ń lo ComfyUI. Mo kọ 41001 yẹn, ìwọ̀n kan náà, mọ́dẹ̀lì kan náà, àwòrán mi ò jọ ti ẹnikẹ́ni níbí. Ṣé sídì náà ń bàjẹ́ ni?

Ìyá_Ìbejì_Sùúrùlérè:

Kò bàjẹ́, àbúrò. ComfyUI ń po rúdurùdu rẹ̀ lórí CPU, AUTOMATIC1111 sì ń lo káàdì àwòrán àfi bí ẹ bá yí i padà nínú `Settings`. Nọ́ńbà kan náà, ìpìlẹ̀ méjì. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ka ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá fi àmì tẹnu mọ́ náà yàtọ̀ síra. Ẹ parí ìdánwò kan nínú ohun èlò kan lórí ẹ̀rọ kan, ó tán. Nínú tiyín, ẹ wo `control_after_generate` kí ẹ rí i pé `fixed` ló wà, torí `randomize` ló máa ń wà níbẹ̀ fúnra rẹ̀.

Ọmọ_PópóÀgùdà, padà sórí tiyín. Bí jíjò náà kò bá lọ, ọ̀nà mìíràn wà tí mo fẹ́ràn ju ti Yábàá lọ. Ẹ mú àwòrán kan tó dára, ẹ gbé e sí `Inpaint`, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì bo ògiri àti ilẹ̀kùn fèrèsé nìkan. `Masked content` kó jẹ́ `latent noise`, `Denoising strength` 1, `Inpaint area` kó jẹ́ `Whole picture`, kí `ControlNet` ṣì wà níbẹ̀ pẹ̀lú àwọn ìlà yín. Ọ̀run, ọkọ̀ àti gọ́tà kò ní sún rárá nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Kò ní jọ ti 0.4 Ṣọ́lá, nítorí pé `latent noise` pẹ̀lú 1 ti nu àwọ̀ àtijọ́ kúrò lábẹ́ ibi tí ẹ bò.

Ayàwòrán_Yábàá:

Mà, mo gbà pé ó mọ́ tónítóní, àmọ́ èmi kì í lò ó fún ìpinnu. Ògiri yẹ́lò tó bẹ́ẹ̀ máa ń ju yẹ́lò díẹ̀ sílẹ̀, sórí ilẹ̀ tó wà níwájú rẹ̀ àti sábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè. Àwọn òpópónà Ìsàlẹ̀ Èkó há, ìmọ́lẹ̀ ń ta láti ara ilé kan sí ìkejì. Bí ẹ bá ti ilẹ̀ pa, ohun tó máa ṣẹlẹ̀ gan-an kò ní hàn. Àwòrán tí ẹ fi bẹ̀rẹ̀ sì ní àwọ̀ tirẹ̀ tẹ́lẹ̀: bí ó bá jẹ́ èyí tí ògiri rẹ̀ funfun, ilẹ̀ rẹ̀ á bá funfun mu ju píǹkì lọ. Ojúsàájú kékeré ni, ṣùgbọ́n ó wà.

Ìyá_Ìbejì_Sùúrùlérè:

Ẹ̀rọ yìí kò mọ̀ bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń ta, Yábàá. Píǹkì tó wà lórí gọ́tà yẹn kì í ṣe pé ó ṣírò rẹ̀ láti ara ògiri, ọ̀rọ̀ ló jò síbẹ̀. Gọ́tà ní 143 sí 124 ti kọjá ohun tí ògiri lè jù sílẹ̀ lábẹ́ ojú ọ̀run tó ṣú.

Ayàwòrán_Yábàá:

Ti 143 yẹn, mo gbà. Ṣùgbọ́n ti yẹ́lò ní 133 sí 113, èmi ò lè búra pé jíjò nìkan ni. Ẹ jẹ́ kó ṣe méjèèjì. Bí àwọ̀ kan náà bá borí níbi méjèèjì, kò sí ìjà. Bí wọ́n bá yàtọ̀, ká mọ̀ pé ohun tó yí àwọ̀ ká ni ẹbí ń yàn.

Ṣọ́lá_Ṣómólú:

Mo ti gbà pé 0.4 ń gbe kírímù. Àmọ́ ìbéèrè kan: ta ló fẹ́ fi àwòrán 24 han àwọn àgbà? Wọ́n á wo mẹ́ta àkọ́kọ́, wọ́n á dìde.

Ìyá_Ìbejì_Sùúrùlérè:

Ìbéèrè gidi nìyẹn. Kó tẹ ìlà mẹ́ta jáde, kó sì da ipò àwọ̀ rú nínú ìlà kọ̀ọ̀kan, torí èyí tó bá wà lápá òsì ní gbogbo ìgbà ni ojú kọ́kọ́ ń bá pàdé. Kí ó yan ìlà mẹ́ta náà pẹ̀lú nọ́ńbà gọ́tà, kó tó wo èyí tó wu òun fúnra rẹ̀. Ìlà tí gọ́tà rẹ̀ yí jù, kó yọ gbogbo rẹ̀ kúrò.

Bí ó bá sì jẹ́ orí fóònù ni wọ́n á ti wò ó, kó fi ránṣẹ́ lórí Wásáàpù gẹ́gẹ́ bíi dókúmẹ́ńtì. Bí ó bá fi ránṣẹ́ bíi fọ́tò lásán, Wásáàpù á fún un pọ̀, á sì pa àkọsílẹ̀ inú PNG rẹ́. Àkọsílẹ̀ yẹn ló ní sídì àti àṣẹ nínú, `PNG Info` ló ń kà á. Tí wọ́n bá padà wá lóṣù mẹ́ta pé àwọn fẹ́ rí yẹ́lò yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i, ibẹ̀ ló máa ti rí i. Kó sì jẹ́ fóònù kan ṣoṣo ni gbogbo wọn jọ wò. Fóònù ẹni tó ti tan àbò ojú alẹ́ sílẹ̀, gbogbo funfun ló ń di kírímù níbẹ̀.

Ọmọ_PópóÀgùdà:

Mo ti ṣe ti `X/Y/Z plot` tán. Ìlà mẹ́fà, mo yọ méjì nítorí gọ́tà: 41004 àti 41006, àwọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló sì bá wọn lọ. Nínú mẹ́rin tó kù, èèyàn ilé mẹ́ta ló ti wò ó. Funfun pẹ̀lú búlúù borí nígbà mẹ́fà nínú 12, yẹ́lò pẹ̀lú àwọ̀ ewé márùn-ún, píǹkì ẹ̀ẹ̀kan. Kírímù tí gbogbo wọn ń pariwo kò rí ẹyọ kan mú.

Ayàwòrán_Yábàá:

Mẹ́fà sí márùn-ún kì í ṣe ìyàtọ̀ o. Ohun tí ìdánwò yìí lè sọ fún yín ni pé kí ẹ fi kírímù àti píǹkì sílẹ̀. Láàrin funfun àti yẹ́lò, kò ní agbára láti dájọ́.

Bàbá_Akunlé:

Ibẹ̀ ni iṣẹ́ mi ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ ra gálọ́ọ̀nù kékeré kọ̀ọ̀kan, ẹ jẹ́ kí n kun mítà kan níbùú lóòró ti ọ̀kọ̀ọ̀kan sára ògiri tó kọjú sí títì, ìpele méjì, lórí ògiri tí a ti fọ̀ tí ó sì ti gbẹ. Kó má jẹ́ orí kírímù àtijọ́ láìfi funfun sábẹ́ rẹ̀, torí kírímù á hàn látinú yẹ́lò. Ẹ wò ó láàárọ̀, ẹ wò ó ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Ẹ ò tíì sọ fún mi bóyá amọ̀ ni ògiri náà o.

Ọmọ_PópóÀgùdà:

Ní ìsàlẹ̀, amọ̀ ni sà. Ti òkè, wọ́n ti fi búlọ́ọ̀kù tún un kọ́. Mo ń gbé `Inpaint` lọ lọ́wọ́ báyìí, funfun àti yẹ́lò nìkan, sídì mẹ́rin kan náà.